Funfun inú ọ̀rá méjì: èwo ni ògì, èwo ni fùfú?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti abúlé wọn nítòsí Abẹ́òkúta, wọ́n sì kó nǹkan funfun méjì tí wọ́n di sínú ọ̀rá sí fírísà wa kí wọ́n tó padà. Wọ́n ní ọ̀kan jẹ́ ògì tí n ó máa fi ṣe ẹ̀kọ fún ọmọ mi ọmọ oṣù méje, èkejì sì jẹ́ fùfú ọkọ mi. Mi ò mọ èwo ni èwo mọ́, fóònù wọn kò sì lọ. Mo fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́. Ṣé ẹ lè bá mi dá wọn mọ̀, kí ẹ sì sọ bóyá wọ́n ṣì dára?"

Èyí tí ó wà nínú fọ́tò kìíní ni mo gbà pé ó jẹ́ ògì, èyí tí ó wà nínú ìkejì sì ni fùfú. Ohun tí mo rí lójú àwọn méjèèjì ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀, n ó sì là á yé yín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì torí ọ̀rọ̀ mi gbé ìkòkò ọmọ kaná. Fọ́tò lè fi hàn bí nǹkan ṣe kúnná tó, ó sì lè fi ipa aṣọ tàbí àpò tí wọ́n fi fún un hàn. Kò lè gbé òórùn, kò lè sọ bí nǹkan ṣe kan tó, kò sì lè sọ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ lò nínú omi kí wọ́n tó yọ ọ́. Ohun tí fọ́tò kò lè gbé wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ṣe pàtàkì jù fún ọmọ oṣù méje, nítorí náà ìdánwò kékeré kan wà tí ẹ ó ṣe nílé kí ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò lọ́nà, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi dájọ́. Wọ́n á ní èyí tí ó funfun báláú ni fùfú, èyí tí ó pọ́n díẹ̀ ni ògì. Àwọ̀ ọkà tí wọ́n lọ̀ ni ògì máa ń mú: àgbàdo funfun á fún wa ní ògì funfun, àgbàdo pupa á fún wa ní èyí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ọkà bàbà á sì fún wa ní èyí tí ó pọ́n ju méjèèjì lọ. Fùfú tí wọ́n pààrọ̀ omi rẹ̀ léraléra lè funfun ju ògì lọ, èyí tí omi rẹ̀ kò mọ́ sì lè ní àwọ̀ eérú. Yàtọ̀ sí èyí, alẹ́ ni ẹ ya fọ́tò yín. Àwo tánganran funfun kan náà ni ẹ gbé ọ̀rá méjèèjì lé, síbẹ̀ àwo náà rí bí aró fẹ́ẹ́rẹ́ nínú fọ́tò kìíní tí ẹ fi iná fóònù yà, ó sì pọ́n nínú ìkejì tí ẹ yà lábẹ́ gílóòbù. Bí àwo tí a mọ̀ pé ó funfun bá lè yí àwọ̀ padà báyìí, a kò lè gba ohun tí fọ́tò sọ nípa àwọ̀ oúnjẹ tí ó wà lórí rẹ̀ gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi fi àwọ̀ sílẹ̀ pátápátá tí mo sì yíjú sí ojú oúnjẹ náà.

Ojú tí ògì ní, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ó fún un. Wọ́n á rẹ àgbàdo sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ 2 tàbí 3 títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí kan, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi omi púpọ̀ sẹ́ ẹ nínú aṣọ fẹ́lẹ́. Eèrí ni yóò kù sókè nínú aṣọ, ògì ni yóò bá omi lọ sísàlẹ̀. Bí omi náà bá sinmi, ògì á rọ̀ sí ìsàlẹ̀ abọ́, omidùn á sì léfòó lókè rẹ̀. Nítorí pé ihò aṣọ náà kéré, ohun tí ó bá kọjá nínú rẹ̀ á kúnná gan-an, a kì í rí hóró tàbí fọ́nrán nínú rẹ̀. Ohun tí ó máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni àfọ́kù èèpo àgbàdo, tí ó pẹlẹbẹ tí ó sì kéré, àti àmì dúdú tíntìntín tí ó wá láti ìdí hóró àgbàdo, níbi tí hóró ti so mọ́ ṣùkù. Ẹni tí ó bá mọ àmì dúdú yìí kì yóò tètè ṣi ògì mú fún ohun mìíràn, nítorí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó dáadáa kì í sábà fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé ògì rìn ìrìn àjò, wọ́n á dà á sínú àpò aṣọ, wọ́n á so ó rọ̀ tàbí kí wọ́n gbé ohun wúwo lé e kí omi rẹ̀ lè jò, òwú aṣọ náà á sì tẹ ìlà wẹ́wẹ́ sí i lára.

Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ kì í sábà lọ sí ẹ̀rọ kí ó tó rọ̀. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5, bí ojú ọjọ́ bá ṣe gbóná sí, títí tí ọwọ́ á fi lè fọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọwọ́ po ó nínú omi, tí wọ́n á sì fi asẹ́ yọ okùn àárín rẹ̀ kúrò. Ihò asẹ́ yìí máa ń fẹ̀ ju ti aṣọ ògì lọ, nítorí náà fọ́nrán funfun kéékèèké máa ń bá a kọjá. Àpò tí wọ́n máa ń ta ìrẹsì tàbí sìmẹ́ǹtì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe fùfú máa ń dà á sí láti fi òkúta tẹ omi rẹ̀ jáde, okùn irú àpò bẹ́ẹ̀ fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ipa rẹ̀ lára fùfú sì máa ń rí bí ẹní tí a hun. Fùfú tí wọ́n ti tẹ omi rẹ̀ jáde kì í dán. Bí a bá bù ú, ó máa ń wó sí wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́, nígbà tí ògì tí kò tíì gbẹ máa ń gé lẹ́nu ṣíbí, ẹnu ibi tí ṣíbí gbà á sì máa ń dán.

Nígbà tí mo fẹ fọ́tò kìíní yín tóbi, mo rí ibi tí ọ̀rá ti ya díẹ̀ lápá òsì. Oúnjẹ tí ó hàn níbẹ̀ jọ̀lọ̀, ìlà wẹ́wẹ́ tí ó súnmọ́ra gan-an wà lára rẹ̀, mo sì rí àmì dúdú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Yìnyín tí ó wà ní igun ọ̀rá náà mọ́ gaara ní ẹ̀gbẹ́, ó sì nípọn funfun nísàlẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti pínyà kí fírísà tó mú wọn. Gbogbo èyí ni ó mú mi sọ pé ògì ni. Nínú fọ́tò kejì, mo rí ipa àpò tí a hun, gbígbòòrò, lókè, mo sì rí fọ́nrán kan tí ó gùn díẹ̀ tí ó yọ síta níbi tí ègé kan ti wó. Fọ́nrán yẹn ni mo gbé ara lé jù. Ipa àpò nìkan kò tó, nítorí mo ti rí àwọn tí ń fi àpò ìrẹsì fún ògì wọn nígbà tí aṣọ kò bá sí, ṣùgbọ́n àgbàdo kò ní okùn nínú tí yóò jáde báyẹn.

Nǹkan funfun mìíràn wà tí ẹnì kan lè rò, n kò sì fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ láìsọ. Láfún gbígbẹ kì í ṣe é, nítorí ìyẹ̀fun ni, ohun tí ó wà nínú ọ̀rá yín sì jẹ́ ohun tútù tí ó dì. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́, èyí tí a máa ń fi sí aṣọ, ni ó lè tan ènìyàn jẹ́ dáadáa, nítorí òun náà jọ̀lọ̀ tí kò sì ní fọ́nrán. Àmì dúdú inú fọ́tò kìíní ni ó jẹ́ kí n fi sítáàṣì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìdánwò orí iná tí mo fẹ́ sọ yìí yóò sì parí iyèméjì tí ó bá kù. Ẹ̀kọ jíjinná kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ohun tí a ti fi omi gbígbóná ṣe kì í pínyà sí omi àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mọ́ bí èyí tí mo rí nínú fọ́tò kìíní, ohun tútù tí a kò tíì sè ni àwọn méjèèjì.

Ní báyìí, ẹ fi ṣíbí bu ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sínú abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí yìnyín rẹ̀ yọ́ nínú fíríìjì, kì í ṣe lórí tábìlì láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá ti yọ́, ó lè rí ṣákiṣàki, kí omi sì yà kúrò lára rẹ̀. Ohun tí yìnyín ń ṣe ni èyí, kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́. Ẹ ta díẹ̀ sórí àwo dúdú tàbí ọ̀rá dúdú, kí ẹ sì fi ìka tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fọ́nrán yóò hàn lórí dúdú bí ó bá wà. Lẹ́yìn náà ni ẹ gbóòórùn rẹ̀, nígbà tí otútù bá ti kúrò lára rẹ̀, nítorí ohun tí ó tutù kì í tú òórùn. Òórùn ògì kan, ó sì mọ́, bí ẹ bá fọ ọwọ́ ó ti tán. Òórùn fùfú wúwo, ó sì máa ń kù sí ìka lẹ́yìn tí a ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ pé ohun tí kò rùn kì í ṣe fùfú, nítorí àwọn kan ń pààrọ̀ omi ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ kí ó má baà rùn, Màmá sì lè wà nínú wọn. Ẹ má ṣe tọ́ ọ wò ní tútù.

Orí iná ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù wà. Ẹ fi ṣíbí ìjẹun 2 nínú ohun tí ó wà nínú ọ̀rá kìíní sínú ìkòkò kékeré, ẹ fi omi tútù ṣíbí ìjẹun 4 po ó títí kò fi ní kókó nínú, kí ẹ sì da omi híhó tó ìdajì ife sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń rò ó. Ẹ gbé e sórí iná tí kò le fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ má dákẹ́ ríro. Bí ó bá jẹ́ ògì, yóò ki, yóò sì ṣú ní funfun tí ẹ kò lè rí ìdí ìkòkò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, yóò já bọ́ láìfà, bí ẹ bá sì jẹ́ kí ó tutù, awọ á bò ó lójú, yóò sì dì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́, yálà fùfú ni o tàbí sítáàṣì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí mọ́ lójú tí ìmọ́lẹ̀ á máa là á kọjá, yóò sì máa fà tẹ̀lé ṣíbí ní okùn gígùn tí kò fẹ́ já. Ìyàtọ̀ yìí dá mi lójú ju gbogbo ohun tí mo rí nínú fọ́tò lọ. Ẹ ṣe bákan náà fún ọ̀rá kejì, ní ìkòkò mìíràn, kí ẹ lè rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ kán ayodíìnì sí i. Kò ní ràn yín lọ́wọ́, nítorí sítáàṣì wà nínú àgbàdo, ó wà nínú ẹ̀gẹ́, méjèèjì ni yóò sì di dúdú aláwọ̀ aró.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé àṣìṣe ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba. Bí ọkọ yín bá gbé ògì kaná tí ó rò pé fùfú ni, kò ní rí òkèlè jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan nínú tí ó máa ń tú oró sáyánáìdì jáde. Àsìkò tí ẹ̀gẹ́ ń lò nínú omi ni èròjà yìí máa ń fọ́, tí oró rẹ̀ á sì bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Bí wọ́n bá yọ ẹ̀gẹ́ kí ó tó rọ̀ dáadáa, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná láti parí iṣẹ́ tí omi kò parí, nítorí ooru máa ń pa ohun inú ẹ̀gẹ́ tí ń fọ́ èròjà náà, ìyókù á sì wà nínú oúnjẹ. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni èyí le jù nínú. Fùfú tí ó rọ̀ délẹ̀ tí wọ́n sì fún omi rẹ̀ dáadáa ni àgbà ń jẹ láìsí ewu, n kò sì ní ìdí kankan láti rò pé ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ara ọmọ oṣù méje kéré, ohun díẹ̀ tí àgbà kò ní mọ̀ lára lè pọ̀ jù fún un, kò sì sí fọ́tò tí ó lè sọ fún mi pé ẹ̀gẹ́ yìí lo ọjọ́ 2 tàbí ọjọ́ 4 nínú omi. Bí ohun tí ẹ sè nínú ọ̀rá kìíní bá fà díẹ̀ pẹ́rẹ́, tàbí tí ojú rẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe sọ lọ, ẹ má fún ọmọ. Ẹ dúró di ìgbà tí Màmá bá ṣeé bá sọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ ra àgbàdo kí ẹ sì ṣe ògì tuntun.

Ní ti bóyá wọ́n ṣì dára, ibi tí fọ́tò ti kù díẹ̀ káàtó jù nìyẹn. N kò rí ebu, n kò rí àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ òféfèé lórí èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rá bo ìdajì wọn, yìnyín sì bo ìyókù. Nígbà tí èyí tí ẹ bù bá yọ́, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá rí àmì pupa, ti ọsàn, ewéko tàbí dúdú tí ó ń hù, ẹ da gbogbo ohun tí ó wà nínú ọ̀rá náà nù, ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ kúrò kí ẹ sì lo ìyókù, nítorí ohun tí a fi ojú rí lórí kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe da àmì dúdú tíntìntín tí mo sọ ṣáájú pọ̀ mọ́ ebu. Tàgbàdo kì í ní irun lára, kì í tàn kálẹ̀, inú ògì ni ó sì wà káàkiri, kì í ṣe ojú rẹ̀ nìkan. Kíkan pàápàá kì í ṣe àmì pé ògì bàjẹ́, ohun tí ó yẹ kí ó rí ni. Èyí tí ó bàjẹ́ máa ń ní òórùn mìíràn tí ó ju kíkan lọ, bí ohun tí ń rà, tàbí kí ó máa yọ̀ lọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá ti jẹ́ kí ó yọ́, ẹ fi í sínú fíríìjì, ẹ da omi orí rẹ̀ nù lójoojúmọ́ kí ẹ sì fi omi mímọ́ mìíràn sí i, kí ẹ lò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má sì dá a padà sí fírísà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí n tún wò ó, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀sán, ẹ pa iná fóònù, kí ẹ fi bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ kí n lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe yí àwọ̀ padà. Fọ́tò èyí tí ẹ tẹ́ sórí àwo dúdú ni mo fẹ́ rí jù, ẹ sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí fọ́nrán yóò fi hàn, lẹ́yìn náà fọ́tò ṣíbí tí ẹ gbé sókè láti inú èyí tí ẹ sè. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì dé ọ̀dọ̀ Màmá kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ìbéèrè méjì péré ni kí ẹ bi wọ́n: èwo ni wọ́n dì sínú ọ̀rá tí ó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ lò nínú omi kí wọ́n tó sẹ́ ẹ.